Oníbàárà Fi Ìdajì Owó Ná Ẹja Kan Ṣoṣo: Ohun Tí Ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo Lè Ṣe

Ẹni tó bá ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ oníbàárà yìí dáadáa. Ó sábà máa ń dé lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn bá ti ń mú díẹ̀, tí ọkọ̀ láti ọ̀nà Lẹ́kí àti Ìjẹ̀bú-Òde ti ń já èrò sílẹ̀. Kò ní béèrè iye tí odidi bàsíà jẹ́. Á bẹ̀rẹ̀, á wo inú omi, á na ìka sí àrọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀, á ní, "Eléyìí ńkọ́?" Ẹ ní 18,000. Òun náà ní 9,000, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń ra bàsíà odidi. Ẹni tó ń ra bàsíà lẹ́tọ̀ọ́ láti ná wa dáadáa, torí ó máa kó ńlá, ó máa kó kékeré, ó sì máa gba wàhálà títà kúrò lọ́rùn wa. Ẹni tó ń ra ẹyọ kan ń ṣa èyí tó dára jù, ó sì fẹ́ san owó èyí tó kéré. Ẹ lè dá a lóhùn láìbínú, láìsì jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ní ìdájí: ẹ pín owó bàsíà náà bó ṣe yẹ

Ká sọ pé ẹ ra bàsíà àrọ̀ kan lọ́wọ́ apẹja létí ọ̀sà ní 90,000 náírà. Alábàárù gba 2,000, omi tí ẹ ń pààrọ̀ kí ẹja má baà kú gba 1,500, owó ọjà àti ohun tí ẹ fi panu jẹ́ 1,500. Gbogbo rẹ̀ di 95,000, ẹja mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀. (Mo kàn ń fi owó yìí ṣe ìṣirò ni o. Owó ẹja kì í dúró sójú kan, ẹ fi ti ọjọ́ yín sí i.)

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja á pín 95,000 sí ọ̀nà mẹ́wàá, á ní ẹja kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9,500. Ìṣirò yẹn ló ń kó èèyàn sí gbèsè. Ẹja tí apẹja kó bọ̀ láti odò kì í dọ́gba bí ẹja tí wọ́n sìn nínú adágún, tí wọ́n ti ṣà á kó tó dé ọjà. Nínú mẹ́wàá yẹn, mẹ́ta lè tóbi, mẹ́rin á wà láàárín, mẹ́ta tó kù á kéré. Tí ẹ bá ta àwọn ńlá mẹ́ta ní 11,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, inú yín á dùn pé ẹ jèrè 1,500 lórí ẹyọ kan. Ẹ wá ta àwọn àárín ní 10,500. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, tó ku àwọn kékeré tí ẹnikẹ́ni ò ní san ju 6,500 lé wọn, ẹ ṣí àpò yín, ẹ kà á: 33,000, 42,000 àti 19,500. Ó jẹ́ 94,500. Ẹ ti ta gbogbo ẹja tán, ẹ sì ti fi 500 náírà kún un látinú àpò ara yín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó dára wà lọ́dọ̀ àwọn tó kéré, torí owó tiwọn ni kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ bi ara yín pé irú kékeré yìí, èló ló ń tà lọ́jà lónìí? Tó bá jẹ́ 7,000, ẹ gbé 6,000 lé e gẹ́gẹ́ bí ojú owó rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ 18,000. Ẹ fi 9,500 sórí àwọn àárín mẹ́rin, ìyẹn 38,000. Ohun tó ṣẹ́kù nínú 95,000 ni 39,000, àwọn ńlá mẹ́ta ló sì máa rù ú: 13,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yìí ni ẹ tó mọ̀ pé ẹni tó fi 9,000 ná ńlá ò tíì dé ojú owó, ká má tíì sọ ti èrè.

Ohun mìíràn tún wà nídìí ẹja ńlá tí ìṣirò ò ní sọ fún yín. Òun ló ń pe èrò. Bí ẹ bá ti fi í tọrẹ láàárọ̀, àwọn tó kù nínú omi á dà bí àṣẹ́kù lójú ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á sì máa ná wọn bí àṣẹ́kù. Mo máa ń rò pé ó yẹ kí ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn ńlá ṣì wà nínú bàsíà títí di ọ̀sán, àfi tí ẹnì kan bá gbé owó tó wuni sílẹ̀.

Iye mẹ́ta tó yẹ kó wà lórí

Ẹ ní owó ẹnu, ìyẹn èyí tí ẹ ń kọ́kọ́ pè: 18,000. Ẹ ní iye tí ẹ fẹ́ tà á: 15,500. Ẹ tún ní iye tí ẹ ò ní kọjá rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní, tàbí kí wọ́n rò pé ojú owó náà ni. Kì í ṣe ojú owó. Ohun tí ẹja yẹn máa di tí ẹ ò bá tà á lónìí ló ń sọ ọ́.

Àrọ̀ ò dà bí tòmátì tí kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Tí kò bá tà ní tútù, ààrò ń dúró dè é. Nígbà tí ẹ bá yan án, omi ara rẹ̀ á lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bíi kílò mẹ́ta sí mẹ́rin tútù fi máa ń di kílò kan péré tó bá gbẹ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹja yíyan fi wọ́n lójú ẹni tí kò mọ̀. Ká sọ pé ẹja ńlá yìí, tí ẹ bá yan án, á tà ní 17,000 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Igi ìdáná, owó ẹni tó bá yín dúró tì í, àti ewu pé ó lè jóná tàbí kó fọ́, ẹ fi 2,500 sí i. Ó ku 14,500. Iye tí ẹ ò ní kọjá nìyẹn láàárọ̀. Ẹni tó bá ní 14,000, ààrò ti san ju tiẹ̀ lọ.

Iye yẹn lè yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí ẹ bá nílò owó láti fi ra bàsíà mìíràn lọ́wọ́ apẹja ní ìdájí ọ̀la, owó tó wà lórí ààrò ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí náà ẹ lè gba 14,000 ní ìrọ̀lẹ́, kó má sì dùn yín. Tí ẹja bá kú, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Àrọ̀ lágbára, ó lè pẹ́ díẹ̀ láìsí nínú omi tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ń fi ikùn sókè, tó ń mí gùdùgùdù lójú omi, ti ń sọ fún yín pé kí ẹ tà á báyìí. Ẹni tó bá wá ná an nígbà yẹn ní iye tó bá sún mọ́ ojú owó, ẹ má bá a jiyàn púpọ̀.

Nígbà tó bá ní 9,000

Ẹ wo ohun tí ẹni náà ń ṣe. Tí ẹ bá pe 18,000, tó ní 9,000, tí ẹ sì jọ ń sún mọ́ ara yín ní ẹsẹ̀ kan náà, àárín tí ẹ máa pàdé ni 13,500. Ìyẹn ti kọjá iye tí ẹ ò fẹ́ kọjá. Àwọn tó gbọ́n nínú ìnájà mọ èyí. Kì í ṣe pé wọ́n rò pé ẹ lè gba 9,000. Àárín yẹn ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, ẹ má fi iye kankan dá 9,000 lóhùn. Ẹ má pè é, ẹ má tún un pè, ẹ má sì bú u. "Ṣé ẹ rò pé mo jí i ni?" máa ń dùn lẹ́nu, àwọn alájọtà á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà níwájú èrò kì í padà wá, bí owó tiẹ̀ wà lápò rẹ̀.

Ìbéèrè ni ẹ ó fi dá a lóhùn: ẹja mélòó, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ á fi irú ẹni tó jẹ́ hàn yín. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ ilé ni, ti èèyàn mẹ́ta mẹ́rin, kò nílò ńlá. Ìtóbi rẹ̀ ló fà á lójú. Ẹni tó ní àlejò ń bọ̀ tàbí pé wọ́n fẹ́ ṣe ìnáwó, odidi orí yẹn ló fẹ́ kó hàn nínú àwo, ó sì máa san án tó bá yá. Ẹni tó bá ní "Mi ò ní ju 10,000 lọ" lè máa sọ òótọ́. Tí ẹ bá fi ẹja àárín hàn án, tó wò ó dáadáa, tó béèrè iye rẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Tí kò bá tiẹ̀ wojú rẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe lè lọ.

"Ìyá, ẹ gba 9,000."

"Àǹtí, ẹ kú ọjà o. Ṣé ẹyọ kan náà ni, àbí a máa kó tó púpọ̀?"

"Ẹyọ kan ni. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn."

"Háà, ẹ kú àlejò o. Ẹja odò ni eléyìí, ẹ wo bó ṣe ń jà. Ẹ mú 16,500 wá."

"Ìyá! Wọ́n pè é ní 10,000 ní ìsọ̀ ọ̀hún."

"Ó ṣeé ṣe, Àǹtí mi. Irú ti 10,000 náà ò wọ́n níbí." Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àárín sókè. "11,500 ni mo ń pe eléyìí, ẹ sì lè ná an. Ẹ fi wọ́n síra wọn."

"Ìyẹn kéré."

"Òun ló jẹ́ kí owó rẹ̀ náà kéré."

"Ó dáa, ẹ gba 13,000 kí n máa lọ."

"15,800."

"14,000, mi ò ní fi kún un mọ́."

"Ẹ san 15,500, màá bá yín ṣe é mọ́, màá gé e, màá sì bu edé gbígbẹ sí i fún ọbẹ̀ àwọn àna yín."

"15,000, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ gbé e wá. Màá gé e fún yín, ṣùgbọ́n edé ò sí níbẹ̀ mọ́ o."

Ìyá náà ò sọ pé 9,000 kéré, kò sì bá a jiyàn lórí ìsọ̀ ọ̀hún. Ó ṣeé ṣe kí ìsọ̀ ọ̀hún ti pè é ní 10,000 lóòótọ́, fún ẹja mìíràn. Dípò àríyànjiyàn, ó gbé ẹja àárín sókè kí oníbàárà fúnra rẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ìdí kan ṣoṣo ló sì mú wá, pé ẹja odò ni. Tí ẹ bá to ìdí márùn-ún sílẹ̀, epo mọ́tò ti wọ́n, owó ilé ìwé ọmọ, alábàárù, oníbàárà á mú èyí tó rọrùn jù nínú wọn, á fi já yín nírọ́. Ìdí tó wà lára ẹja ló lágbára, torí òun náà ń fi ojú rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹja tí wọ́n sìn, ẹ má pè é ní ẹja odò. Àwọn tó ń wá láti Èkó nítorí ẹja ọ̀sà ti ń mọ ìyàtọ̀ lẹ́nu, Olúwo sì ni ẹni tí wọ́n tàn lẹ́ẹ̀kan máa bú, kò ní bú yín nìkan.

Ẹ tún wo bí owó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Láti 18,000 ó bọ́ sí 16,500, ó yọ 1,500. Lẹ́yìn náà ó yọ 700, lẹ́yìn náà 300. Oníbàárà lè má kà á, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ọ: ó ń kéré sí i, ó ti fẹ́ parí. Tí ẹ bá yọ 1,000, ẹ tún yọ 1,000, ẹ tún yọ 1,000, kí ló máa jẹ́ kó gbà pé ìkẹrin ò ní sí? Ìgbà tó sì tún béèrè 500 tó gbẹ̀yìn, ìyá náà gbà, ṣùgbọ́n ó mú edé kúrò. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni oníbàárà á padà wá gba mìíràn lé.

Ènì sàn ju ẹ̀dínwó lọ

Ọwọ́ edé kan lè jẹ́ 400 fún yín nígbà tí ẹ rà á ní ìwọ̀n ńlá. Lójú ẹni tó ń rà á ní ìwọ̀n kékeré, ó tó 800. Nítorí náà, ènì 400 lè dí ihò 800 nínú ìnájà. Gígé ẹja àti fífọ ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò ń náni ní àkókò díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n ẹni tó wọṣọ dáadáa wá láti Lẹ́kí mọ ohun tó máa jẹ́ fún un láti gbé àrọ̀ ààyè sínú búùtù mọ́tò. Àǹfààní mìíràn ni pé ènì kì í di owó ọjà. Tí ẹ bá dín 500 kù lónìí, 15,000 ló máa wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá padà wá, òun ló sì máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gba edé á rántí pé ẹ lawọ́, kò sì ní lè sọ pé ẹ ta ẹja ní iye mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi ọjọ́ iwájú ná yín: "Ẹ tà á fún mi báyìí, màá máa wá ra mẹ́wàá mẹ́wàá." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìdáhùn tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ni kí ẹ gbé ẹ̀dínwó náà sọ́jọ́ tó ń sọ: "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ mú eléyìí ní 15,500. Ọjọ́ tí ẹ bá wá kó bàsíà, iye tí apẹja fún mi ni màá fi hàn yín, ẹ ó sì fi èrè díẹ̀ lé e." Ẹni tó ní òótọ́ nínú á béèrè nọ́ńbà fóònù yín.

Irú ẹ̀ náà ni oníbàárà àárọ̀ kùtùkùtù, tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo, tó sì ń fi ìyẹn ṣe ohun ìjà. Ẹ ti dá iye tí ẹ lè yọ fún ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀ láti ilé. Lórí ẹja ńlá yìí, 500 tó. Tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹja kékeré ṣí ọjà.

Tó bá ń lọ

Ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí le, mo mọ̀, pàápàá tí ọjà ò bá yá. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí 13,000 ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, á rí i pé ẹja bẹ́ẹ̀ ò sí ní 13,000, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń yí padà. Ẹ sọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kí ìpadàbọ̀ rọrùn fún un: "Àǹtí, ẹ yẹ ọjà wò, tí ẹ bá padà, màá ṣì wà níbí." Tí ẹ bá sì fẹ́ pè é padà, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó ré ìsọ̀ mẹ́ta kọjá, kí ó sì jẹ́ iye tí ẹ ti rò tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sún kù, tí ẹ tún pè é, ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló ń ná ọjà fún òun.

Ẹ wo ẹni tó dúró tì yín kí ẹ tó sọ iye tó gbẹ̀yìn. Tí ẹni mìíràn bá ń wo ẹja ńlá kejì, 15,000 tí ẹ sọ sókè ti di owó ẹnu lọ́dọ̀ ẹni yẹn, ibẹ̀ ló sì máa ti bẹ̀rẹ̀ sí ná. Ẹ sún mọ́ oníbàárà yín, ẹ fi ohùn jẹ́ẹ́ sọ ọ́. Tàbí kí ẹ parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ènì, èyí tí kò sí ẹni tó lè kà.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé náà jẹ́ ara ìnájà. Ẹ béèrè kí ẹ tó gba iye tó kẹ́yìn: owó ọwọ́ ni àbí tíránsífà? Tó bá jẹ́ pé ẹ ti jọ gbà sí 15,000, tó wá ní kí ẹ jẹ́ kí òun lọ gba owó lọ́wọ́ oní-Pí-Ó-Ẹ́sì, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ oní-Pí-Ó-Ẹ́sì náà kúrò nínú rẹ̀, ẹ ti tún dín in kù lẹ́yìn ìnájà nìyẹn. Tó bá ní òun ti fi ránṣẹ́, kí owó dé inú fóònù yín kí ẹja tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tó fi hàn yín lójú fóònù tirẹ̀ kò tíì jẹ́ owó.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ọmọ tàbí ọmọṣẹ́ sídìí ọjà láti lọ kírun tàbí láti bá apẹja sọ̀rọ̀, ẹ sọ owó ẹnu àti iye tí ẹ fẹ́ tà á fún un, kó mọ ti ńlá, ti àárín àti ti kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sọ iye ìkẹta fún un. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n á débẹ̀ kíákíá kí ìnájà lè tán. Ẹ ní kó sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ jẹ́ kí n pe màmá mi," kó sì pè yín lóòótọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀pọ̀ oníbàárà á ti fi 500 kún un.